Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Kírómétì Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti di bárakú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò omi. Wọ́n ní ọ̀nà kírómétì tí a fi ń wá iye kílóráìdì inú omi, ti àwọn ọmọ ilé-ìwé ni, tàbí ti ẹni tó ń kánjú. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ iye tó péye, ọ̀nà àṣẹ́kù ni kó gbà. Bí ọ̀nà méjèèjì bá wá fún wọn ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí omi kan náà, wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó da ti kírómétì nù, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ pé òun ló ga jù. Èrò yìí kò tọ́. Fún omi mímu, fún omi kànga àti bọ́hóòlù, àti fún omi iyọ̀ tí kò dọ̀tí, kírómétì tí a ṣe ìdíwọ̀n òfo fún ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà gbọ́. Ọ̀nà àṣẹ́kù ló yẹ kó wá wí tẹnu rẹ̀ kí a tó gba iye tó bá mú wá. Iyì tí ọ̀nà àṣẹ́kù ní, ibòmíràn ló ti gbà á. Kì í ṣe lórí kílóráìdì inú omi.

Sílífà náítíréètì ni ọ̀nà méjèèjì ń lò, nítorí pé fàdákà inú rẹ̀ máa ń di kílóráìdì mú, tí àwọn méjèèjì á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí kì í fẹ́ yòrò. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí a ṣe ń mọ ìgbà tí kílóráìdì tán. Nínú ọ̀nà tí Karl Friedrich Mohr, ará Jámánì, gbé jáde láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, a ó wọn 100 mílílítà omi sínú fíláàsìkì, a ó sì da mílílítà kan pòtásíọ̀mù kírómétì sí i, èyí tí a pò ní gíráàmù 5 sínú 100 mílílítà. Omi náà á pọ́n bí ìyeyè. A ó wá máa kán sílífà náítíréètì sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń yẹ omi mímu wò sábà máa ń lo èyí tó jẹ́ 0.0141 mólà, nítorí pé mílílítà kan rẹ̀ bá ìdajì mílígíráàmù kílóráìdì dọ́gba. Bí omi inú fíláàsìkì bá jẹ́ 100 mílílítà, mílílítà kọ̀ọ̀kan inú búrẹ́ẹ̀tì dúró fún mílígíráàmù 5 nínú lítà. Kílóráìdì ni fàdákà kọ́kọ́ ń lọ bá, nítorí pé fàdákà tí kò tó nǹkan ti tó láti sọ ọ́ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Kírómétì ní láti dúró títí kílóráìdì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá kí fàdákà tó ráyè tirẹ̀, ìgbà náà ni àwọ̀ pupa rúsúrúsú á yọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ fíláàsìkì á rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pupa ti ń yọ níbi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí, àmọ́ bí a bá ti mì ín, á pòórá. Díẹ̀díẹ̀ ni pupa náà á máa pẹ́ sí i kó tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán kan ṣoṣo á yí ìyeyè tó ti dà bí wàrà yẹn padà, á di rúsúrúsú fẹ́ẹ́rẹ́, bí a tilẹ̀ mì ín kò ní lọ mọ́. Ibẹ̀ ni kí a ti dúró. Ẹni tó bá ń dúró de pupa bíi ti bíríkì ti kọjá ibi tó ń lọ.

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kírómétì máa ń bù kún iye. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Kí pupa tó lè yọ, fàdákà díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú omi lẹ́yìn tí kílóráìdì ti tán, a sì tún ní láti fi díẹ̀ kún un kí pupa náà tó pọ̀ tó èyí tí ojú lè rí láàrin ìyeyè. Fàdákà tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí kò bá kílóráìdì kankan pàdé, síbẹ̀ búrẹ́ẹ̀tì kà á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti mọ. Pẹ̀lú àwọn ìwọ̀n tí mo kà sókè yìí, mílílítà 0.2 sí 0.3 ni àfikún náà sábà máa ń jẹ́. Kì í sì í bá kílóráìdì pọ̀ sí i: ì báà jẹ́ mílígíráàmù 10 ni omi ní nínú lítà, ì báà jẹ́ 200, àfikún kan náà ni. Nítorí náà ni ó fi ṣeé yọ. A ó mú 100 mílílítà omi dísítíìlì, a ó da kírómétì kan náà sí i, a ó sì kán sílífà náítíréètì sí i títí àwọ̀ rẹ̀ á fi bá ti omi tí a ń yẹ̀ wò mu. Iye tó bá gbà ni ìdíwọ̀n òfo. A ó yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìwọ̀n ọjọ́ náà. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Omi òfo mọ́ gaara, kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nínú bíi ti omi kílóráìdì, ojú kì í sì í rí àwọ̀ bákan náà nínú omi tó mọ́ àti nínú èyí tó dà bí wàrà. Ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù kábónéètì tí kò ní kílóráìdì nínú, ìwọ̀nba díẹ̀, ni kí a bù sí omi òfo kó lè funfun bíi ti èkejì, kí a sì gbé fíláàsìkì òfo yẹn sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ lórí pákó funfun kí ojú máa fi ṣe òdiwọ̀n.

Ẹni tí kò bá ṣe ìdíwọ̀n òfo á jìyà rẹ̀, á sì jẹ ẹ́ jù nígbà tí kílóráìdì bá kéré. Ká ní omi kan ní mílígíráàmù 10 nínú lítà. Mílílítà 2.0 ló yẹ kí búrẹ́ẹ̀tì fi hàn, ṣùgbọ́n 2.3 ni yóò fi hàn, ẹni náà á sì kọ 11.5 sílẹ̀. Àṣìṣe ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kò sì kéré rárá. Irú iye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé jáde láti fi hàn pé kírómétì kò dára. Ṣùgbọ́n kírómétì kọ́ ló ṣẹ̀ níbẹ̀. Apá kan iṣẹ́ náà ni a kò ṣe. Àṣìṣe tí kì í yí padà, tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí a sì lè fi fíláàsìkì kan ṣoṣo yọ kúrò, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ kọ ọ̀nà sílẹ̀.

Ọ̀nà àṣẹ́kù wá ńkọ́? Jacob Volhard, òun náà ará Jámánì, ló gbé e jáde ní 1874, ohun tó sì fi í wá nígbà náà ni fàdákà fúnra rẹ̀. Nínú omi tí a fi ásíìdì náítíríìkì sí, ó ń kán taiosáyánéètì sí fàdákà títí tí fàdákà á fi tán. Bí taiosáyánéètì bá ti ṣẹ́kù díẹ̀, álọ́ọ̀mù onírin tó wà níbẹ̀ á di pupa. Fún iṣẹ́ yẹn, ọ̀nà náà dára gan-an, nítorí pé kò sí ohun mìíràn nínú fíláàsìkì tí taiosáyánéètì lè bá fà á. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti yí i lò fún kílóráìdì: a ó da sílífà náítíréètì tó ju èyí tí kílóráìdì nílò lọ, a ó fi taiosáyánéètì wá iye fàdákà tó ṣẹ́kù, a ó sì yọ àṣẹ́kù kúrò nínú èyí tí a dà. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ iye ọjà, tó na owó ńlá sí ọlọ́jà, tó wá ń ka ṣéńjì. Bí ọjà náà bá wọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ bá kéré, ẹni tó bá ṣi ṣéńjì kà díẹ̀ ti ṣi apá ńlá nínú iye ọjà. Ìgò méjì ni a ní láti mọ agbára wọn dáadáa dípò ọ̀kan, ìwọ̀n méjì ni a ní láti kà, àṣìṣe méjèèjì á sì kó ara wọn jọ lé orí ìyókù kékeré tí à ń wá.

Síbẹ̀, èyí kọ́ ni àléébù tó tóbi jù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó dúró fún kílóráìdì ṣì wà nísàlẹ̀ fíláàsìkì nígbà tí a bá ń kán taiosáyánéètì sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí fàdákà ń bá taiosáyánéètì ṣe ṣòro láti yòrò ju èyí tó ń bá kílóráìdì ṣe lọ, ó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, bí taiosáyánéètì bá ti run gbogbo fàdákà tó ṣẹ́kù, kì í dúró níbẹ̀. Ó máa ń yí sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, á sì máa já fàdákà gbà lọ́wọ́ kílóráìdì. Àmì rẹ̀ kò ṣòro rí: pupa á yọ, a ó mì ín, pupa á ṣá, a ó tún kán ẹyọ kan sí i, á pọ́n, á tún ṣá. Gbogbo ẹ̀kán tó bá lọ báyìí ni a ó kà sí fàdákà tó ṣẹ́kù, nígbà tó jẹ́ pé ti kílóráìdì ni. Iye kílóráìdì á sì máa lọ sílẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ láti inú bí àwọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ méjèèjì ṣe ń yòrò, a ó rí i pé nínú 100 mílílítà omi, pupa kò lè dúró gbọn-in títí taiosáyánéètì 0.1 mólà tó tó mílílítà 1.7 á fi ṣòfò. Lọ́wọ́ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀, nítorí pé ìjágbà náà ń falẹ̀, a sì máa ń dúró ní pupa àkọ́kọ́ tó bá pẹ́ díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Bí ẹnì kan bá rọra mi fíláàsìkì, iye kan ni yóò rí; bí ẹlòmíràn bá mì ín kíkankíkan, iye mìíràn ni. Kò sí ìdíwọ̀n òfo tó lè yọ àṣìṣe tó ń tẹ̀ lé ọwọ́ ẹni.

Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà àṣẹ́kù á ní ìwé ti sọ àtúnṣe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́. A lè sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun náà kúrò, ká fi omi tó ní ásíìdì náítíríìkì díẹ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa, ká tó kán taiosáyánéètì sí ohun tó sẹ̀ jáde. A sì lè da náítírobẹ́ńsíìnì sí i, bí Caldwell àti Moyer ṣe dá a lábàá ní 1935, kí òróró náà lè bo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fàdákà máa ń lẹ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, bí a kò bá sì fọ̀ ọ́ tó, iye kílóráìdì á ga sókè; sísẹ́ àti fífọ̀ yìí sì máa ń gba àkókò ju gbogbo iṣẹ́ kírómétì lọ. Náítírobẹ́ńsíìnì ní tirẹ̀, májèlé tó ń gba awọ ara wọlé ni, ó sì máa ń ba agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé atẹ́gùn jẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìfiwéra náà gún régé. Wọ́n máa ń gbé ọ̀nà àṣẹ́kù tí a ti sẹ́, tí a ti fọ̀, tí a ti bò, sí ẹ̀gbẹ́ kírómétì tí a kò tilẹ̀ ṣe ìdíwọ̀n òfo fún, wọ́n á wá ní ọ̀kan borí. Bẹ́ẹ̀ sì ni níbi iṣẹ́ ojoojúmọ́, àtúnṣe ọ̀nà àṣẹ́kù ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ fò, torí pé òun ló nira.

Ká wá fi omi kan dán méjèèjì wò. Létíkun, láti Badagry dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi òkun lè yọ́ wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ níbi tí a bá ti ń fa omi jù, kílóráìdì sì ni àmì rẹ̀ tó tètè ń hàn. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà fi 250 mílígíráàmù nínú lítà ṣe ààlà. Ká ní omi kànga kan ní nǹkan bí ìdajì ìyẹn. A fi kírómétì yẹ 100 mílílítà rẹ̀ wò, búrẹ́ẹ̀tì fi mílílítà 24.6 hàn, òfo sì jẹ́ 0.3. Ìyókù jẹ́ 24.3, a sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di mílígíráàmù 121.5 nínú lítà. Bí a bá gbàgbé òfo pátápátá, 123 ni a ó kọ. Omi yìí kan náà, bí a bá gbé e gba ọ̀nà àṣẹ́kù, a ó da mílílítà 10 sílífà náítíréètì 0.1 mólà sí i. Kílóráìdì inú rẹ̀ á gba nǹkan bí 3.43 nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí taiosáyánéètì dúró ní 6.57. Ṣùgbọ́n pupa ń ṣá, ẹni tó ń ṣe é sì tún kán ẹyọ mélòó kan sí i kó tó gbà pé ó ti dúró, ó wá kà á sí 6.80. Ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ṣìnà. Ìyókù di 3.20, iye kílóráìdì sì di 113. Kírómétì tí a ṣe láìbìkítà fi mílígíráàmù kan àtààbọ̀ ṣìnà sókè. Ọ̀nà àṣẹ́kù tí a ṣe láìbìkítà fi mẹ́jọ ṣìnà sísàlẹ̀. Bí kànga náà bá jẹ́ ti 255 ní tòótọ́, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ á sọ ọ́ di 247, ìwé àyẹ̀wò á sì fi hàn pé kò tíì kọjá ààlà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kò tọ́ kí a máa da iye tó ga jù nù nígbà tí méjèèjì bá yàtọ̀. Ọ̀kan ń ṣìnà lọ sókè, èkejì ń ṣìnà lọ sísàlẹ̀, èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ ló sì ń lọ jìnnà jù.

A lè dín agbára sílífà náítíréètì kù sí 0.0141 mólà nínú ọ̀nà àṣẹ́kù náà, ká sì dín taiosáyánéètì kù bákan náà, kí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lè dínkù ní ìníyelórí. Àwọn kan ti fi èyí dá irú ìṣirò mi lóhùn. Ó mú kíka búrẹ́ẹ̀tì dára sí i, ṣùgbọ́n kò kan ìjágbà, nítorí pé iye taiosáyánéètì tó gbọ́dọ̀ wà nínú omi kí pupa tó hàn kò yí padà. Ohun tó ń ṣòfò ní mílílítà 1.7 tẹ́lẹ̀ á kàn wá gba mílílítà tó pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ẹlòmíràn á ní omi mímu ni mo ń sọ, pé omi iyọ̀ tó nípọn kọjá agbára kírómétì. Ìtàn ìmọ̀ òkun ta ko èyí pátápátá. Martin Knudsen, ará Dẹ́ńmáàkì, gbé tábìlì ìṣirò omi òkun jáde ní 1901, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ òkun káàkiri ayé sì fi ń mọ bí omi òkun ti níyọ̀ tó láti ìgbà náà títí di nǹkan bí 1960 ni sílífà náítíréètì pẹ̀lú kírómétì. Omi òkun ní kílóráìdì tó tó gíráàmù 19 nínú kílógíráàmù kan. Pípẹ́ẹ̀tì mílílítà 15 ni wọ́n fi ń wọn ọ́n, sílífà náítíréètì wọn sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 37 nínú lítà. Wọ́n ń wá ìyàtọ̀ tó kéré gan-an láàrin omi òkun ìsàlẹ̀ àti tòkè, nítorí pé ìyàtọ̀ yẹn ló ń darí bí ìṣàn omi abẹ́ òkun ṣe ń lọ, kírómétì sì tó wọn í lò. Àṣírí ibẹ̀ ni pé wọn kò fi iyọ̀ inú ìgò nìkan ṣe òdiwọ̀n. Omi òkun tí a ti mọ iye rẹ̀ dájú, tí wọ́n dì sínú ìgò láti Kopinhágìnì tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ káàkiri, ni wọ́n fi ń mọ agbára sílífà náítíréètì. Wọ́n ń ṣe omi ìgò yẹn àti omi tí wọ́n bù lọ́nà kan náà, nínú fíláàsìkì kan náà, títí dé àwọ̀ kan náà. Àfikún kírómétì á wà nínú méjèèjì, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó ń yẹ omi iyọ̀ ilé iṣẹ́ wò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Kó fi omi dísítíìlì la omi iyọ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po 100, kó bu 25 mílílítà nínú rẹ̀, kó lo sílífà náítíréètì 0.1 mólà, kó sì fi sódíọ̀mù kílóráìdì tó ti yan gbẹ, tó pò dé ìwọ̀n tó sún mọ́ ti omi náà, mọ agbára sílífà náítíréètì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀sùn kan ṣì wà tí mo gbà pé ó ní ìwúwo níbí, ti omi tó kan. Omi bọ́hóòlù inú iyanrìn etíkun Èkó sábà máa ń kan díẹ̀, pH rẹ̀ lè wà lábẹ́ 6. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, kírómétì ń yí padà di dáíkírómétì, àwọ̀ rẹ̀ á yí láti ìyeyè sí ti ọsàn, pupa á pẹ́ kó tó yọ, iye á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wọn pH á sọ pé kírómétì ló tan òun jẹ. Ojútùú rẹ̀ ni kí a bu sódíọ̀mù báìkábónéètì tí kò ní kílóráìdì nínú sí omi náà, díẹ̀díẹ̀, títí pH á fi wà láàrin 7 sí 10. Kí a má jẹ́ kó kọjá 10, nítorí pé fàdákà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Bí omi bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì mílílítà kan á ti pa sọ́fáìdì rẹ̀ kí kírómétì tó wọ̀ ọ́. Irin tó bá ju mílígíráàmù 10 nínú lítà lọ á bo àwọ̀ mọ́lẹ̀, fọ́sífétì tó bá ju 25 lọ á bá kílóráìdì du fàdákà. Kànga tó ní ìwọ̀n yẹn kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó lè wà. Níbi tí a kò bá ti lè mú omi kúrò ní kíkan láìjẹ́ pé irin tàbí alumíníọ̀mù inú rẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àti nínú ẹran tàbí ẹja tí a ti fi ásíìdì náítíríìkì sè kí a tó wá iyọ̀ inú rẹ̀, ọ̀nà àṣẹ́kù ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ásíìdì rẹ̀ ló jẹ́ àǹfààní níbẹ̀, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti májèlé kírómétì, n kò fojú kéré rẹ̀. Kírómétì lè fa àrùn jẹjẹrẹ, mílígíráàmù 50 pòtásíọ̀mù kírómétì sì ń lọ sínú fíláàsìkì kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dà á sínú sínkì. Kí a kó o jọ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí a fi ásíìdì àti sódíọ̀mù mẹ́tábáìsọ́fáìtì yí i padà títí á fi di àwọ̀ ewé, kí a sì fi láìmù mú un rọ̀ sísàlẹ̀ kí a tó sẹ́ ẹ. Ilé àyẹ̀wò tí kò bá lè ṣe èyí ní ìdí pàtàkì láti fi kírómétì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ ni ọ̀pá fàdákà tí a ń so mọ́ mítà, tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná hàn pé kílóráìdì ti tán, tí kò nílò àwọ̀ kankan. Kí a sá fún kírómétì kí a sì lọ fọwọ́ kan náítírobẹ́ńsíìnì, ìyẹn kò bá ẹ̀sùn náà mu.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣe iyè méjì, kó jẹ́ kí omi kànga rẹ̀ fúnra rẹ̀ dáhùn. Kó ṣe 100 mílílítà rẹ̀ pẹ̀lú kírómétì, kó sì tún mú 50 mílílítà, kó fi omi dísítíìlì sọ ọ́ di 100, kó ṣe é bákan náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, èkíní á gba 24.6, èkejì á gba 12.45. Ìlọ́po méjì 12.45 jẹ́ 24.9, ó sì fi 0.3 ju 24.6 lọ, òfo gan-an nìyẹn, tó hàn láìjẹ́ pé a ṣe é lọ́tọ̀. Bí iye tó hàn kò bá bá òfo tó ti ṣe mu, ojú rẹ̀ ló ń dúró ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó tún un ṣe. Kó wá ṣe ìdajì àti odindi yẹn pẹ̀lú ọ̀nà àṣẹ́kù tí a kò sẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì wo bóyá ìyàtọ̀ tó bá rí lẹ́ẹ̀kíní ni yóò rí lẹ́ẹ̀kejì.